Káàdì Gíráfíìsì fún Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀: Àpótí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣí Wò

Ní Òtìgbà, ní Ìkẹjà, ní ọjà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, ẹ ó rí àwọn kọ̀ǹpútà dúdú tí wọ́n tò léra wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ló ti lò wọ́n. Owó wọn kò ga, wọ́n sì lágbára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa gbá géèmù bọ́ọ̀lù lórí wọn, tàbí tó fẹ́ máa gé fídíò ìgbéyàwó, á rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò ní káàdì gíráfíìsì, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gba iṣẹ́ àwòrán ṣe lọ́wọ́ pirósẹ́sọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rà á.

Orúkọ káàdì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú lọ sí ọjà. Wọ́n ti gbọ́ pé lágbájá lágbára, wọ́n á san owó rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á tó ṣí kọ̀ǹpútà wọn. Ní tèmi, àpótí ló yẹ kó yan káàdì. Ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà kan ṣe àpẹẹrẹ: Dell OptiPlex 9020, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní SFF, tó ní pirósẹ́sọ̀ Core i5-4590.

Iná ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páwà sọ́pláì, ìyẹn àpótí irin tí wáyà iná láti ara ògiri wọ̀. Wáàtì 255 ló wà lára ti SFF yìí. Ti èyí tó tóbi jù ú lọ, MT, jẹ́ 290. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló sì ń jẹ níbẹ̀. Wáàtì 84 ni Intel kọ sílẹ̀ fún pirósẹ́sọ̀ yìí nìkan. Ihò gígùn tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, PCIe, lè fún káàdì ní wáàtì 75, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tí èyí kò bá tó máa ń ní ẹnu iná tirẹ̀ ní etí: èyí tó ní pínnì mẹ́fà lè gba 75 mìíràn, èyí tó ní pínnì mẹ́jọ lè gba 150. Páwà sọ́pláì 9020 kò ní wáyà tó bá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mu. Nítorí náà, káàdì tí kò ní ẹnu iná rárá ni tiwa.

Ontajà á ní kò sí wàhálà, á sì mú ádápítọ̀ kan jáde, èyí tó ń gba iná láti ara wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún háàdì dísìkì. Ẹ má gbà á. Wáàtì 54 péré ni ẹnu pẹlẹbẹ yẹn lè gbé láìséwu, ẹnu onípínnì mẹ́fà sì lè bèèrè 75. Kò ní bà jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ike rẹ̀ á pọ́n, ẹ ó gbọ́ òórùn ike tó ń jó, lẹ́yìn náà ló máa yọ́. Bí ẹ bá sì rò pé ẹ ó kúkú pààrọ̀ páwà sọ́pláì, ti ọjà kò wọ inú SFF, ẹnu tí Dell fi so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé: pínnì mẹ́jọ ló ní, kì í ṣe 24.

Kọ̀ǹpútà tí iná kò tó máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá ń tẹ lẹ́tà, kò ní ṣe ohunkóhun; bí géèmù bá ti wọ ibi tó le, á kú pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sójú mọ́nítọ̀.

Lẹ́yìn iná, ó kan àyè. Irin tí a fi ń de káàdì mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ṣùgbọ́n inú SFF kò lè gbà ju nǹkan bíi 8 lọ. Káàdì kúkúrú ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì rí i pé irin kúkúrú rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, torí irin yìí ló máa ń sọnù nínú tòkunbọ̀. Ẹ wo sísanra rẹ̀ náà: ọ̀pọ̀ káàdì ló ń gba àyè ihò méjì nítorí fáànù, bí páwà sọ́pláì tàbí wáyà bá sì ti dí àyè kejì, kò ní wọlé.

Àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àwọn òfin yìí kò pọ̀. GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 wà, GTX 1650 ti ọdún 2019 wà, RX 6400 ti ọdún 2022 wà, RTX 3050 oní-gígábáìtì 6 ti ọdún 2024 náà sì wà. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀yà kúkúrú tó ń fi 75 yẹn gbé ara rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra o, GTX 1650 kan ní ẹnu iná, òmíràn kò ní, orúkọ kan náà ló sì wà lára páálí wọn.

RX 6400 ló ń fa ojú mọ́ra jù, nítorí wáàtì 53 péré ló ń jẹ, ó sì tín-ínrín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin péré ló fi ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, níbi tí GTX 1650 ti ń lo 16. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dunni. Lórí 9020, tí PCIe rẹ̀ jẹ́ ìran kẹta, ìdajì ni eré ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bí gígábáìtì 4 rẹ̀ bá sì ti kún, géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró-dúró. Kò tún ní ẹ̀rọ tó ń ká fídíò pọ̀ láti fi pamọ́, nítorí náà agéfídíò kò gbọdọ̀ rà á.

Ó wá ku pirósẹ́sọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù àti àwọn agbábọ́ọ̀lù wà kí káàdì tó yà wọ́n. Ká ní ó lè ṣírò àwòrán 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Káàdì tó lè ya 150 kò ní fún yín ju 70 náà lọ. Owó ìyókù ti ṣòfò. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ ra RTX 3050 fún i5-4590. Ẹni tó bá ti ní káàdì lè dán an wò: ẹ dín ìwọ̀n àwòrán géèmù kù láti 1920×1080 sí 1280×720. Bí iye àwòrán bá lọ sókè, káàdì ló ń fà sẹ́yìn. Bó bá dúró síbi tó wà, pirósẹ́sọ̀ ni, káàdì tuntun kò sì ní tún un ṣe.

GTX 1650 kúkúrú ni màá mú fún 9020 yìí. Bí owó bá kù, màá fi ra ráàmù DDR3 kejì, nítorí ráàmù méjì tó jọra ń bá pirósẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ yá ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ GTX 1050 Ti nítorí owó, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀: káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Ìran káàdì yìí kò ní VGA mọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura. Ẹ ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà níwájú yín, kí wọ́n ṣí GPU-Z. Bó bá mọ̀ pé ayédèrú ni, á kọ [FAKE] ṣáájú orúkọ káàdì náà.