Ohun Tí Ẹ̀ṣọ́ Èémí Ń Ṣọ́

Bí ènìyàn bá pa ẹnu dé, tó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kó tó pẹ́ jù, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ikùn rẹ̀ á máa sọ fúnra rẹ̀, á sì di dandan kó yọ ọwọ́ kúrò nímú. Ẹ bi í pé kí ló fipá mú un mí, á ní ọ́síjìn ló tán nínú òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ nìyẹn, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Lásìkò tí kò lè mú un mọ́ra mọ́ yẹn, ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì tó ọpọlọ rẹ̀ í lò. Kábọ̀n dáọ́sáìdì ló lé e mí, ìyẹn afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ara ń pèsè bó ṣe ń lo oúnjẹ, tó sì ti ń kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ torí pé kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀mí so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń pa ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa, ó ń pa ìdílé tó sùn tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n sì ń kú láìjẹ́ pé èémí há wọn rárá.

Ọkùnrin méjì ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Scott Haldane àti John Gillies Priestley, ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1905. Èémí tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ènìyàn kọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò, torí ọ̀fun lásán nìyẹn ti wá. Wọ́n ní kí onítọ̀hún fẹ́ èémí rẹ̀ tán pátápátá sínú ọ̀pá gígùn kan, wọ́n wá bu díẹ̀ nínú èyí tó gbẹ̀yìn, tó ti inú lọ́hùn-ún ẹ̀dọ̀fóró wá. Wọ́n ṣe é lórí òkè Ben Nevis ní Sìkọ́tíláǹdì, wọ́n tún ṣe é nísàlẹ̀ kòtò ìwakùsà Dolcoath ní Cornwall. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara níbi méjèèjì kò dọ́gba, síbẹ̀ agbára kábọ̀n dáọ́sáìdì inú ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kó fi nǹkan bíi 0.2 péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, afẹ́fẹ́ tí ẹni náà ń mí ní ìṣẹ́jú kan di ìlọ́po méjì. Ti ọ́síjìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí tó bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní láti já wálẹ̀ dé bíi 13 kí èémí tó yí padà lọ́nà tó hàn sójú.

Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti so mọ́ okùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ààbò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, ààbò yìí kì í sì í jẹ́ kí áyọ́nù háídírójìn, ìyẹn èròjà tó ń mú kí nǹkan kan, kọjá bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kábọ̀n dáọ́sáìdì ń kọjá fàlàlà. Bó bá ti dé inú omi tó yí ọpọlọ ká, òun àti omi á di ásíìdì kan tí kò le, ásíìdì yẹn á sì tú áyọ́nù háídírójìn sílẹ̀ sẹ́bàá ẹ̀ṣọ́ náà. Kíkan yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ náà ń gbọ́. Á ránṣẹ́ sí ibùdó èémí tó wà nítòsí rẹ̀, ibùdó náà á sì pàṣẹ fún iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti ti àárín egungun ìhà pé kí wọ́n fà jinlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì yára. Kábọ̀n dáọ́sáìdì á jáde, kíkan á rọlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á dákẹ́. Báyìí ni ara ṣe ń mú un dúró sí nǹkan bíi 40 lórí òṣùwọ̀n mílímítà mẹ́kúrì, yálà ènìyàn ń sùn ni o, tàbí ó ru ẹrù wúwo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó tan ẹ̀ṣọ́ yìí jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ gba abẹ́ omi láti etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan dé ìkejì láìyọrí. Kó tó bẹ́ sínú omi, ó mí gúlegúle léraléra, ó rò pé òun ń kó ọ́síjìn pa mọ́. Irọ́ ni. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dẹ́nu tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 98 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù tó lè gbà. Ohun tí mímí yẹn ṣe ni pé ó gbọn kábọ̀n dáọ́sáìdì dànù, bóyá láti 40 bọ́ sí 20 tàbí 25. Bí ètè àti ọmọ ìka rẹ̀ bá ń ta á wínníwínní, tí ojú sì ń kọ́ ọ, àmì pé ó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn.

Ó wọ inú omi. Iṣan apá àti ẹsẹ̀ ń jẹ ọ́síjìn, kábọ̀n dáọ́sáìdì náà sì ń gòkè bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn, torí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti gbéra. Kó tó dé bíi 50, níbi tí kò ti ní ṣeé mú mọ́ra mọ́, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ ju ohun tí ọpọlọ lè fara dà. Bó bá ti sún mọ́ 30, iyè á ra. Ara rẹ̀ ò ni í rárá títí ìgbà yẹn. Àwọn tó wà lókè kì í gbọ́ ariwo, wọn kì í rí i kó máa ta pọ́nrán. Wọ́n á kàn rí i pé ó dúró lábẹ́ omi, wọ́n á sì rò pé ó ṣì ń gbìyànjú. Bó ti dákú tán ni kábọ̀n dáọ́sáìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń pariwo. Ẹ̀ṣọ́ á pàṣẹ pé kó mí, ó sì mí omi símú. Ọ̀mọ̀wé Albert Craig ti Rochester ní Amẹ́ríkà kó ìtàn irú àwọn bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1961. Àwọn tí wọ́n tètè fà jáde nínú wọn ló sọ bó ṣe rí lára.

Ṣé kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ́síjìn ni? Ó wà. Méjì ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọrùn, ọ̀kan lápá òsì, lábẹ́ igun ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí ti pín sí méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Corneille Heymans ti ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1938 lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa wọn. Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àwọn wọ̀nyí ti ń tọ́ ọ́síjìn, kábọ̀n dáọ́sáìdì àti áyọ́nù háídírójìn wò. Àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jà fún ọ́síjìn àfi tó bá ti ti nǹkan bíi 100 já wá sí 60. Bí wọ́n bá sì wá mú kí mímí yára, mímí yẹn náà ló ń gbọn kábọ̀n dáọ́sáìdì dànù, èyí tó ń mú ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ sọ pé kí wọ́n rọra. Ìdí nìyẹn tí ìpè ọ́síjìn fi máa ń pẹ́ kó tó dún, tí kì í sì í dún kíkankíkan.

Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ọrùn ti wúlò jù lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ kíkan ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà tó dá abẹ́rẹ́ insulíìnì dúró. Ara rẹ̀ ò rí ṣúgà lò mọ́, ó ń jó ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ sì ń sọ ọ̀rá náà di ásíìdì. Áyọ́nù háídírójìn á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Òṣùwọ̀n kíkan tó yẹ kó wà ní bíi 7.4 á wálẹ̀ sí 7.1. Kò lè kọjá sínú ọpọlọ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ọrùn ti gbọ́. Aláìsàn náà á máa mí jinlẹ̀jinlẹ̀ láìsinmi, bí ẹni tó sáré dé, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló wà. Ńṣe ni ara ń fi kábọ̀n dáọ́sáìdì ṣòfò kí kíkan lè dín kù. Adolf Kussmaul, dókítà ará Jẹ́mánì, ló ṣàpèjúwe irú mímí yìí lọ́dún 1874.

Nílé, wọ́n lè pè é ní ikọ́ fée tàbí ibà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí ìyàtọ̀: àyà rẹ̀ kì í hun, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka á sọ pé ọ́síjìn pé, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù, á ti máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, ó sì lè máa bì. Kò gbọdọ̀ gba oògùn oorun. Bí nǹkan kan bá dín mímí yẹn kù, kíkan ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i kíákíá. Omi ara àti insulíìnì nílé ìwòsàn ni ìtọ́jú rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló wá burú jù, torí ó gba ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ṣọ́ wọlé. Kábọ̀n mọnọ́sáìdì inú rẹ̀ kò ní òórùn. Ó ń dì mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì sí àyè fún ọ́síjìn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tó yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀, èyí tí ẹ̀ṣọ́ ọrùn ń tọ́ wò, kò dín. Kábọ̀n dáọ́sáìdì náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ jáde. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn dákẹ́, ti ọpọlọ dákẹ́. Ẹ̀fọ́rí ló ń kọ́kọ́ dé, òòyì á tẹ̀ lé e, èébì á máa gbé onítọ̀hún, ẹsẹ̀ á rọ, oorun á sì gbé e lọ. Ẹ̀rọ ìka pàápàá máa ń ṣì í mú, ó lè sọ pé 98 ni ọ́síjìn ẹni tó ń kú lọ.

Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta, kí wọ́n gbà pé èéfín ni. Gbígbé ẹni náà síta ni àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn ló kàn. Epo pupa àti mílíìkì ò lè tú u kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde. Pẹ̀lú ọ́síjìn tí kò lábùlà, ó lè má ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e sí ilé ìdáná tàbí abẹ́ fèrèsé. Ẹ gbé e jìnnà sílé, kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tó sùn.