Àìsàn Tí A Kò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ìdójútòfò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ẹ̀mí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ínṣọ́ránsì, ló wà lórí pátákó wa lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó ń tà á máa ń kiri ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn òbí wa kan sì ti buwọ́ lùwé lọ́wọ́ wọn. Apá kan ṣoṣo la fẹ́ yẹ̀ wò: ojú ewé tí wọ́n ti ń béèrè àìsàn tó ti ṣe èèyàn rí. Inú àpótí ìbéèrè ẹgbẹ́ oníròyìn wa la ti kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ.

Kí ni wọ́n ń béèrè gan-an?

Lẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́, wọ́n á béèrè bóyá èèyàn ń mu sìgá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá to àìsàn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru rí? Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Àìsàn ọkàn, ti kíndìnrín, ti ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ? Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ṣé wọ́n ti dá yín dúró sí ọsíbítù láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn? Oògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́? Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá".

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Ó sọ pé òótọ́ ni ohun tí mo kọ, pé orí rẹ̀ ni àdéhùn wa dúró lé, àti pé mo gbà kí dókítà tó bá ti tọ́jú mi sọ nípa ìlera mi fún ilé-iṣẹ́ náà. Abẹ́ gbólóhùn yìí lèèyàn ń buwọ́ lù.

Àìsàn tó ti lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Owó tí kálukú máa san ni wọ́n ń fi ṣírò. Nínú àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá, iye tí o bá dá lo máa kó. Ìdójútòfò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè san owó oṣù kan péré kó sì kú, kí ìdílé rẹ̀ gba mílíọ̀nù, nígbà tí ẹlòmíì á máa san fún ogún ọdún. Inú ìkòkò kan náà ni owó gbogbo wọn wà. Nítorí náà, ẹni tí ewu tirẹ̀ pọ̀ ló yẹ kó san jù. Ilé-iṣẹ́ náà ò sì lè rí inú ara ẹnikẹ́ni, ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n ní.

Tí èèyàn bá fo ọ̀kan ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ kan. Àròsọ ni o, kì í ṣe ẹnì kankan ládùúgbò wa, iye owó inú rẹ̀ náà àpẹẹrẹ ni.

Màmá aláṣọ kan ní Balógun, ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ra ìdójútòfò ẹ̀mí ní 2021. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa gbà tó bá kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ló ń san lóṣù. Ṣùgbọ́n ní 2019, orí ti ń fọ́ ọ, ó lọ sí ọsíbítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ yá, ó dá a dúró. Lọ́jọ́ tí éjẹ́ǹtì dé, oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀jẹ̀ ríru, Màmá ní, "Ó ṣe mí díẹ̀ nígbà kan o." Éjẹ́ǹtì ní, "Màmá, ìyẹn ti lọ nù, ẹ jẹ́ ká kọ rárá."

Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó sì kú. Àwọn ọmọ kó ìwé jọ: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìdójútòfò, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó. Ìwé ẹ̀rí ikú ti sọ ohun tó pa á. Ilé-iṣẹ́ rí i pé àdéhùn náà ò tíì pé ọdún méjì, irú ikú bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n máa ń wádìí jù. Wọ́n kọ̀wé sí ọsíbítù. Wọ́n fa káàdì rẹ̀ yọ, 2019 sì wà níbẹ̀ gedegbe, pẹ̀lú orúkọ oògùn.

Lẹ́tà tó padà wá sọ pé ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ò bá má gbà á ní iye yẹn, nítorí náà àwọn ò ní san mílíọ̀nù márùn-ún. Ohun tó ti san jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje náírà. Bóyá wọ́n máa dá ìyẹn padà, ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn ló máa sọ. Ẹ ṣàkíyèsí o: ẹni tó sọ "rárá" kọ́ ni ìyà jẹ. Ọmọ tó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ni.

Tó bá ti sọ òótọ́, ṣé wọn ò ní lé e dànù ni?

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Wọ́n lè gbà á ní iye kan náà tí oògùn bá ti kápá rẹ̀. Wọ́n lè fi kún owó oṣù rẹ̀. Wọ́n lè ní kó lọ tọ́jú ara rẹ̀ ná kó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Wọ́n sì lè kọ̀.

Ká ní wọ́n fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kún un ni, kó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá lóṣù. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta náírà ni àfikún náà. Torí owó yẹn ni mílíọ̀nù márùn-ún ṣe lọ. Tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ̀ ọ́, yóò mọ̀ pé òun ò ní ìdójútòfò, á lè fi owó náà sí ibòmíì.

Ṣebí éjẹ́ǹtì ló kọ ọ́?

Òfin Ìdójútòfò ti 2003 ló wà nígbà tí Màmá yìí ra tiẹ̀ (òfin tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní 2025). Abala 54 òfin náà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù pé éjẹ́ǹtì tó bá bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ oníbàárà ló ń ṣe, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ìyẹn ni pé kálámù éjẹ́ǹtì, kálámù Màmá ni. Abala yẹn kan náà tún sọ pé ohun tí èèyàn bá sọ fún éjẹ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àṣẹ tí wọ́n fún un, bí ẹni sọ fún ilé-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó ti kú?

Ìyá tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí ó gba fọ́ọ̀mù náà wálé kó tó buwọ́ lù ú. Kí ọmọ ka gbogbo ìbéèrè sí i létí ní Yorùbá, kó sì fi fóònù ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ ọ́ tán. Iṣẹ́ yìí ò ju agbára wa lọ.

Ṣé gbogbo ibà àti orí fífọ́ lèèyàn máa kọ?

Rárá. Abala 54 yẹn náà sọ pé ohun tí fọ́ọ̀mù kò bá béèrè ní pàtó, a ò kà á sí ohun tó ṣe pàtàkì. Ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí ẹ dáhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè ìgbà tí wọ́n dá yín dúró sí ọsíbítù, ibà tó gbé yín dè ibẹ̀ wọ̀ ọ́.

Ohun kékeré tí èèyàn fò kì í sì í fi dandan ba àdéhùn jẹ́. Ọkùnrin kan ní Ońtáríò ní Kánádà ò dárúkọ dókítà tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ amáralókun. Nígbà tó kú, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kọ̀ láti sanwó. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà náà ń parí sí títí di 1963. Ó wà nínú ìwé ẹjọ́ 1925 pé ilé-iṣẹ́ náà pàdánù, torí pé ká ní wọ́n tiẹ̀ mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ náà, wọn ì bá ṣì gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀.

Àìsàn téèyàn ò mọ̀ pé òun ní ńkọ́?

Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọ́ láti 1908 pé ohun téèyàn mọ̀ ni ojúṣe rẹ̀ láti sọ, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tí àìsàn bá yọjú lẹ́yìn tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù tán, tí wọn ò sì tíì gbà yín wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ sọ.

Wọ́n ti gbàdúrà fún un, ó ti mu àgbo, ó ti sàn. Ṣé kò lè kọ "rárá"?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà nínú ìbéèrè náà: "rí". Wọn ò béèrè bóyá ó ń ṣe yín, bóyá ó ti ṣe yín rí ni wọ́n béèrè. Ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni", ẹ fi ọdún tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ wá kọ pé ó ti sàn. Ìwòsàn kì í pa káàdì ọsíbítù rẹ́.

Ẹni tó ti fo ọ̀kan, tó sì wà láàyè ńkọ́?

Kí ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà nísinsìnyí, kó sọ àìsàn náà àti ọdún rẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiẹ̀ kó sì fi pamọ́. Wọ́n lè fi kún owó rẹ̀, wọ́n sì lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló máa ṣe, kì í ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ti ibi iṣẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè tíṣà wa kan nìyí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí kò ní dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan. Nínú irú èyí, wọn kì í sábà béèrè àìsàn títí dé iye kan, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó pọ̀. Tí owó ẹnì kan bá kọjá iye yẹn, fọ́ọ̀mù máa ń dé.

Tí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láìtọ́ ńkọ́?

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ìbéèrè wo nínú fọ́ọ̀mù, ìdáhùn wo ni wọ́n ní kì í ṣe òótọ́, ẹ̀rí wo ni wọ́n rí. Ẹ fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tiyín wò ó. Tí kò bá bára mu, àjọ ìjọba tó ń darí ìdójútòfò, NAICOM, ń gba ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ náà sì wà. Àwòrán tí ẹ yà sórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù lẹ máa kọ́kọ́ nílò.