Kí lẹ máa kọ sínú àkékúrú pósítà yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé pósítà lọ sí àpérò láti Ìwó, ẹ má kọ pé fífọ ọwọ́ dín àkóràn ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kù “gan-an.” Gan-an kì í ṣe iye o. Ká ní ọmọ 200 wọ wọ́ọ̀dù ìtọ́jú pàtàkì ṣáájú ètò náà, àkóràn mú 30; lẹ́yìn rẹ̀, ó mú 18 nínú 180. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: 15% di 10%.

Èwo lẹ kà sí àkóràn? Ṣé èyí tí láàbù rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, àbí èyí tí dókítà kàn fura sí? Ẹ sọ ọ́. Tí kò bá sì sí wọ́ọ̀dù mìíràn tẹ́ ẹ fi wé e, ẹ má ní fífọ ọwọ́ ló fà á. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé ló dín kù lásìkò kejì.