Ọgọ́ta Yáàdì Ná

Ká ní ìyá kan l'Ékòó gba 100 yáàdì àdìrẹ aṣọ ẹbí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí àdéhùn sì jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Keje. Aláró pè: òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ó di ọjọ́ 24.

"Ẹ má bínú, mi ò lè gbà á. Ọjọ́ 25 ni ìgbéyàwó. Mélòó ló ti gbẹ?"

"Ọgọ́ta."

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí 60 wá lọ́jọ́ 10, kí 40 tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 17. Iye tó bá dé ló máa sanwó rẹ̀, aláró ló sì máa gbé owó ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ewu kan wà níbẹ̀: aró ìkòkò méjì kì í sábà dọ́gba. Nítorí náà, mọ̀lẹ́bí ló kó 60, ọ̀rẹ́ ló kó 40.