"Máa Ń" àti "Mọ́ Mi Lára": Ibi Tí "Used To" Ti Ń Dẹ Pàkúté fún Wa

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Ó fi ẹ̀rín sẹ́nu, ó ní, "I used to come early." Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun máa ń tètè dé. Ohun tí ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́ ni pé tẹ́lẹ̀ rí ni ó máa ń tètè dé, àti pé ìyẹn ti dópin. Ọkùnrin náà wá bi í pé, kí ló dé tí o fi í sílẹ̀? Ọmọ náà ń wò ó bọ̀ọ̀, kò mọ ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ó délé, ó ro ẹjọ́ náà fún mi, ó sì ní òun ṣì rò pé òun kò ṣì í sọ. Èmi ò bá a wí. Yorùbá tó ń sọ láti kékeré ló tì í síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Mo máa ń ná ọjà Dùgbẹ̀." Ta ló sọ ọ́? Ó lè jẹ́ ìyàwó ilé tó ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di òní. Ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó ń pìtàn nǹkan ogún ọdún sẹ́yìn. "Máa ń" kò sọ èyí tó jẹ́. Ohun tí àwọn onígírámà ń pè ní ibá ìṣe bárakú ni, ó ń sọ pé ìṣe náà di àṣà, kò sì ka ìgbà sí. Bí a bá fẹ́ sọ ìgbà, a ó fi "tẹ́lẹ̀" tì í, tàbí kí á kọ́kọ́ wí pé, "nígbà tí mo wà lọ́mọge." Gẹ̀ẹ́sì kò gba irú èyí. Kí ènìyàn tó la ẹnu sọ àṣà kan, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá àṣà náà ṣì wà láàyè tàbí ó ti kú. Bó bá ṣì wà, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni, pẹ̀lú "usually" tàbí "always": "I usually come early." Bó bá ti dópin ni "used to" tó wọlé. "I use to come early", tí ó kún ìgboro wa, kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò. "Used to" yìí kò ní ìgbà ìsinsìnyí rárá.

"Used to" ń sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà kan, kò sì ṣẹlẹ̀ mọ́. "Lagos used to be the capital of Nigeria." Òótọ́ ni, nítorí pé ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni olú-ìlú kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá. Bí a bá fẹ́ fi béèrè tàbí fi sẹ́, "did" ni yóò gba "d" ìparí ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀: "Did you use to sell cloth?" àti "I didn't use to like fish." Etí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà, nítorí "t" tó tẹ̀lé e ti gbé "d" mì. Lórí ìwé nìkan ni a ti ń mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ibì kan wà tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti fẹnu kò. Bí ènìyàn bá ti ka iye ọdún tàbí iye ìgbà, "used to" kò bọ́ sí i mọ́. "My father used to work in Ibadan for six years" kò tọ̀nà. "My father worked in Ibadan for six years" ló tọ̀nà. Àwa náà kì í sọ pé bàbá mi máa ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́fà. Ó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn fún ọdún mẹ́fà ni à ń wí.

"Would" wá ńkọ́? Òun ni ọ̀rọ̀ apìtàn. "When we were small, Mama would roast corn and we would sit round the fire." Gbólóhùn náà dùn létí ju kí á máa tún "used to" sọ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ méjì. Èkíní, kì í fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹlòmíràn ní láti kọ́kọ́ sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, "when we were small" tàbí "used to" kan ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kí "would" tó tẹ̀lé e wọlé. Bí ẹnì kan bá kàn dédé sọ pé "Mama would roast corn", olùgbọ́ yóò máa dúró de ìyókù: yóò sun àgbàdo bí kí ni bá ṣẹlẹ̀?

Èèwọ̀ kejì ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ tó tún ń ṣẹlẹ̀ ni "would" máa ń bá lọ. Kì í bá ipò lọ. Gbígbé ibì kan, níní nǹkan, mímọ ènìyàn, jíjẹ́ nǹkan: gbogbo ìwọ̀nyí ipò ni, "used to" nìkan ló gbà wọ́n. "We used to live in Ibadan" tọ̀nà. "We would live in Ibadan" kò túmọ̀ sí pé a ti gbé ibẹ̀ rí. Etí Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. A kì í sọ pé "Èkó máa ń jẹ́ olú-ìlú"; "Èkó ni olú-ìlú tẹ́lẹ̀" là ń wí. Ibi tí "máa ń" bá ti ń kọ́ni lẹ́nu báyìí, tó jẹ́ pé "tẹ́lẹ̀" nìkan ló dùn ún gbọ́, "would" náà yóò kọ̀. Ẹ má fi gbogbo ara gbé e o, nítorí mo ti gbọ́ "mo máa ń fẹ́ràn" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ipò ni fífẹ́ràn jẹ́.

Ó ku "be used to", òun ló sì ń da gbogbo rẹ̀ rú, nítorí pé ó gbé aṣọ ẹlòmíràn wọ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa àṣà àtijọ́. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan ti mọ́ ènìyàn lára. Ẹ wo bí a ṣe ń tò ó: "Òtútù ti mọ́ mi lára." Òtútù ni olùwà gbólóhùn náà, èmi ni ó mọ́ lára. Gẹ̀ẹ́sì yí i po: ènìyàn ló bọ́ síwájú, nǹkan náà sì wà lẹ́yìn: "I am used to the cold." Ìyípo yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí "am" bọ́ sọnù lẹ́nu wa. Bí "am" bá sì ti bọ́, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn. "Get used to" ni ti ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ni lára bọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni "to". Nínú "I used to drive", "to" jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí náà "drive" ló tẹ̀lé e ní ìhòòhò. Nínú "I am used to driving", "to" dà bí "sí" tiwa, ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń wá, bó bá sì bá ọ̀rọ̀-ìṣe pàdé, yóò fi "-ing" wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìdánwò tí mo máa ń fún àwọn tí mò ń kọ́ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹ fi "it" sí ẹ̀yìn "to". "I am used to it" dúró dáadáa, nítorí náà "-ing" ni. "I used to it" kò lè dúró, nítorí náà kò sí "-ing".

"Used" kẹta tún wà, ti ohun èlò: "This knife is used to cut yam", ìyẹn ni pé ọ̀bẹ yìí ni wọ́n fi ń gé iṣu. Ó ní "is", ó ní "used to", ṣùgbọ́n "cut" kò ní "-ing", kò sì sí ohun tó mọ́ ọ̀bẹ lára. Lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ìró "s" àárín èyí ń kùn bí oyin, nígbà tí ti àwọn yòókù ń ṣe ṣíṣì bí "s" inú "ìsàlẹ̀". Ìró tó ń kùn yẹn kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, nítorí náà bákan náà ni gbogbo wọn ń jáde lẹ́nu wa. Ẹ̀yìn "to" ni kí á máa wò.

Ẹ jẹ́ kí á fi gbogbo rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ ìtàn kúkúrú kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, lórí ohun tí àwọn àgbà kò tíì gbàgbé: títí di ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí ti Gẹ̀ẹ́sì tó kó wa lẹ́rú. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún yẹn ni gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Grandpa __1__ have a lorry. Before 1972, he __2__ on the left. Every morning he __3__ wash the lorry and then drink his tea. When the country changed to the right, he __4__ it, and he drove with fear. After some months he __5__ it. My sister lives in London now. She __6__ driving on the right, so the left troubles her."

Àlàfo 1: níní lọ́rì jẹ́ ipò, nítorí náà "used to" nìkan ni. Àlàfo 2: "used to drive". Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ "was used to driving". Mo fún un ní máàkì, nítorí òótọ́ ni pé ọwọ́ òsì ti mọ́ bàbá náà lára. Àmọ́ mo sọ fún un pé ìtàn mìíràn ló sọ. Àlàfo 3 ni "would" ti rí ààyè, nítorí ìgbà ti hàn, fífọ lọ́rì sì jẹ́ ìṣe. "Used to" náà tọ̀nà níbẹ̀. Àlàfo 4: "was not used to". Ibí ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ "didn't use to", tí gbólóhùn náà sì di "he didn't use to it", èyí tí ìdánwò "it" yóò ti lé jáde kíákíá. Àlàfo 5: "got used to", nítorí díẹ̀díẹ̀ ló mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá kọ "was used to", kò burú, ṣùgbọ́n oṣù tó gorí oṣù yẹn ti pòórá nínú ìtàn.

Àlàfo 6 ni wọ́n bá mi jà lé lórí. Ọmọ kan ní kí n jẹ́ kí òun kọ "used to", nítorí arábìnrin náà ti kúrò ní Nàìjíríà, kò wa ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mọ́. Èrò rẹ̀ tọ́. Bó bá jẹ́ "drive" ni mo kọ sí ẹ̀yìn àlàfo náà, òun ni ì bá jàre. Ṣùgbọ́n "driving" ló wà níbẹ̀, nítorí náà "is used to" ni: ó ti kúrò ní Nàìjíríà lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ṣì mọ́ ọn lára, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ yọjú sí apá tí ọkọ̀ kò ti ń bọ̀. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà funfun kọ "LOOK RIGHT" sí ojú títì ní Lọ́ńdọ̀nù.