Eré Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Láti Mítà sí Ìyípo

Nígbà tí mo ń ṣa ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ ní Basila àti Manigiri, mo bá ọmọ iṣẹ́ kan nídìí túrù, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gé e. Ohun méjì ló ń pè ní "eré".

Èkíní ni iye mítà irin tó ń kọjá lẹ́nu irinṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Irú irin àti irú irinṣẹ́ ló ń pinnu rẹ̀. Èkejì ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí po ní ìṣẹ́jú kan. Èyí là ń yàn lára ẹ̀rọ:

n = 1000 × V ÷ (3,14 × D)

V wà ní mítà, D, ìbú òbírí, wà ní mìlímítà. Bí a bá ń lu ihò, ìbú irin ìlu ni D. Bí a bá ń gé ara ọ̀pá, ìbú ọ̀pá ni.

Fún irin rírọ̀, ó fi V sí 25. Irin ìlu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10: n sún mọ́ 800. Lẹ́yìn náà, ó gé ara ọ̀pá náà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50, láì yí "eré" padà. V di 126, bẹ́ẹ̀ n kò gbọdọ̀ ju 160 lọ. Ẹnu irinṣẹ́ di aláwọ̀ búlúù, kò sì mú mọ́.

Faransé kò yọ wá: "fitẹ́sì" ni méjèèjì ń jẹ́, "túrù" sì jẹ́ ẹ̀rọ àti ìyípo. Mo dábàá "eré ìgé" fún V, "iye ìyípo" fún n.