Kàpásítọ̀ fáànù àjà

Kàpásítọ̀ fáànù àjà jẹ́ ẹ̀yà kékeré tí ó ń mú kí fáànù tí a gbé kọ́ sí àjà ilé lè bẹ̀rẹ̀ sí yí fúnra rẹ̀, kí ó sì yí dáadáa. Ó sábà máa ń wà nínú ike kékeré lábẹ́ ìdérí tí ó wà lókè ẹ̀rọ fáànù. Bí fáànù bá ń yí jẹ́jẹ́, tàbí tí ó ń kùn láìyí, kàpásítọ̀ ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó bá ń mì, ibòmíràn ni àléébù wà.

Iṣẹ́ rẹ̀

Kọ́ílì méjì, ìyẹn wáyà tí a wé pọ̀, ni ó wà nínú ẹ̀rọ fáànù. Bí iná bá wọ méjèèjì ní àkókò kan náà, agbára òòfà wọn yóò kàn máa lọ síwá-sẹ́yìn lójú kan. Ẹ̀rọ yóò kùn, ṣùgbọ́n kò ní yí. Kàpásítọ̀ tí a so mọ́ kọ́ílì kejì ń jẹ́ kí iná ibẹ̀ ṣáájú ti àkọ́kọ́ díẹ̀. Ìyàtọ̀ àkókò yìí ni ó ń mú kí agbára òòfà máa yí po, tí ó sì ń fa fáànù lọ.

Bí ó ṣe ń bàjẹ́

Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi irin tín-ínrín bò ni ó wà nínú kàpásítọ̀. Ooru àti iná tí ó ga jù ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa dín kù. Fún àpẹẹrẹ, kàpásítọ̀ tí a kọ 2.5 µF ± 5% sí lára kò gbọdọ̀ dín sí 2.375 µF. Bí mítà bá ka 1.4 µF, fáànù náà yóò máa wọ́ ẹsẹ̀, kódà bí a bá yí rẹ́gúlétọ̀ dé òpin.

Àyẹ̀wò àti àtúnṣe

A ó pa iná, a ó sì fi ọwọ́ yí apá fáànù. Bí ó bá wúwo tàbí tí ó ń ha, bẹ́árìn ni ó ní àléébù. Bí ó bá yí fàlàlà, a ó tì í, a ó mú ọwọ́ kúrò, a ó sì tan iná. Bí ó bá ń bá ìyípo lọ sí ọ̀nà yòówù tí a tì í sí, ṣùgbọ́n tí kò lè dá bẹ̀rẹ̀, kàpásítọ̀ ti kú.

Kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ pa iná gbogbo ilé, nítorí pé suíṣì ara ògiri nìkan lè má tó. Iye µF tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, iye V rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí i. Èyí tí µF rẹ̀ pọ̀ jù lè mú kọ́ílì gbóná títí yóò fi jóná.

Fáànù tí ó ń mì

Kàpásítọ̀ kì í fa mímì. A ó wọn ibi tí orí apá kọ̀ọ̀kan jìnnà sí àjà dé. Èyí tí ó bá yàtọ̀ ti tẹ̀, tàbí kí ìdè rẹ̀ ti tú. A ó yẹ ìkọ́ àti bóòtù tí ó gbé fáànù dúró wò pẹ̀lú, nítorí pé mímì lè tú wọn, kí fáànù sì já lulẹ̀.